Nígbà tí Àbúrò Mi Ń Sùn bí Ọmọ Ẹlẹ́ja

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìyá mi bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ìsinmi ìbímọ tí ọ́fíìsì fún ìyá mi parí. Iṣẹ́ típíìsì ni ó ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ní òpópónà Warehouse ní Apápá. Ajégúnlẹ̀ ni àwa ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ní kànga kan ṣoṣo. Wọ́ọ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀, a lè má rí i fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá sí ọkọ̀, a ó máa rí i láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, inú rẹ̀ kì í sì í dùn.

Ṣáájú àkókò tí mo ń sọ yìí, èmi kò mọ̀ pé ènìyàn a máa kọ́ oorun. Mo rò pé bí ó ṣe ń wá bá àgbàlagbà náà ni ó ṣe ń wá bá ọmọ ọwọ́, pé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ìyá mi fi ọmọ tì ni ìyá àgbà kan tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé ní Marine Beach, létí omi, kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èéfín ẹja yíyan tí wọ́n sì kó wá sí Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí ìyá mi lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, o ń bẹ̀ mí ni? Àwọn ọmọ tí mo ti fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n, bí wọ́n bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ láti ibí, ẹni tó kẹ́yìn á ti wà nínú omi."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dára. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi fi wà nílé, ọmú ni ó fi ń mú àbúrò mi sùn. Bí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ ra ojú, yóò gbé e sí ọmú, ọmọ yóò sì sùn lọ pẹ̀lú ọmú lẹ́nu. Kò sí ohun tó rọrùn jù ú lọ, títí di ọjọ́ tí ọmú bá bọ́ọ̀sì lọ sí Apápá. Àbúrò mi sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bá ìyá àgbà lórí ìjókòó ní kọ́rídọ̀, gèlè wọn ti yẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Ẹ má bínú."

"Èmi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìyàwó, ọmú ni ọmọ yìí mọ̀ sí oorun. Èmi ò sì ní in mọ́. Àpò lásán ló kù."

Ojú ti ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á. Ìyá àgbà wá ní kí ó mú ìró tí ó fi sùn lóru wá, kí ó má sì fọ̀ ọ́. Ìyá mi ní ìró náà ti dọ̀tí. Wọ́n ní ìdọ̀tí rẹ̀ gan-an ni àwọn ń wá. Wọ́n tún ní láti alẹ́ ọjọ́ náà lọ, kí ó máa yọ ọmú lẹ́nu ọmọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti wúwo ṣùgbọ́n tí kò tíì sùn tán, kí ó máa fi ọwọ́ gbá a ní ìdí jẹ́jẹ́ títí yóò fi parí ìyókù fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró ìyá mi ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n. Ó sunkún díẹ̀, ó fi imú ra aṣọ náà, ó sì sùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, a kò gbọ́ igbe mọ́.

Àṣé orí kan ni a gé, ọ̀kan tún ń hù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ tí kì í sunkún lọ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú lóru. Kò ṣàìsàn, kò sì bínú. Yóò jí, yóò mu ọmú, yóò máa wo iná láńtánì, yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ìyá mi bá tẹ́ ẹ, yóò ké. Bí ó bá gbé e, yóò rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, yóò tún fẹ́ ọmú. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìyá mi ń wá bàtà ni oorun tó dùn yóò gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ìdáhùn kan náà ni: "Ọmọ dáadáa! Kò dà mí láàmú rárá. Ṣe ló ń sùn."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó fi iyọ̀ sínú tíì. Ní ọjọ́ kan, ó wọ bàtà tí kò jọra dé ẹnu ọ̀nà kí n tó pè é padà. A sì mú un mọ́ra títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ó tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ń tẹ ìwé tí awakọ̀ tírélà yóò fi gbé kọ̀ǹténà kan jáde, ó sì pààrọ̀ nọ́ḿbà méjì síra wọn. Wọ́n dá tírélà náà dúró ní géètì èbúté títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀gá pè é.

"Màdámù, ilé ni wọ́n ti ń sùn. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lọ dúró ti ọmọ yín títí yóò fi dàgbà. Èmi ó wá típíìsì mìíràn."

Ìgbà tí oyún mi wà nínú ìyá mi ni ó kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń sọ pé ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé, pé ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwé. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀, kò sunkún. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé àwọn ni wọ́n máa lé kúrò níbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì wí fún un. Obìnrin náà ní, "Ọmọ oṣù mẹ́ta wo ló ń sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ẹ ò lajú yín ni? Oògùn ikọ́ olómi ni ìyá yẹn ń fún un. Ṣíbí kan péré, ọmọ á sùn bí òkú ewúrẹ́. Wọ́n ṣe é fún ọmọ àǹtí mi."

"Mọ́mì, Ìyá àgbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

"Ẹnu mi kò sọ pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè, mo ti pè wọ́n ní ọ̀tá ọmọ nìyẹn. Bí n kò bá béèrè ńkọ́?"

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni a wà nígbà náà. Ìyá mi ní kí n kó ìwé mi lọ sí yàrá ìyá àgbà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n sọ pé tiwa ń jò, èyí tí kì í ṣe irọ́ nítorí pé òjò pọ̀. Ó ní kí n la ojú mi, kí n sì kọ gbogbo ohun tí mo bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Inú mi kò dùn sí iṣẹ́ amí, ṣùgbọ́n mo fa ìlà sí ìwé àjákọ mi: ìgbà tó sùn, ìgbà tó jí, ohun tó mu.

Ohun tí mo rí ni èyí. Kí aago méje tó lù ni ìyá mi máa ń gbé ọmọ wọlé, ó ti ń sùn. Ìyá àgbà yóò ti fi àpò ìrẹsì bo fèrèsé, yóò ti ilẹ̀kùn, yàrá yóò sì ṣókùnkùn bí abẹ́ àtíbàbà. Ọmọ yóò jí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Wọn yóò fún un ní ọmú tí ìyá mi fún sínú ife kí ó tó lọ, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní ilé ìwòsàn pé kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Yóò mu díẹ̀, yóò yí ojú kúrò. Kò ní tó wákàtí kan, wọn yóò ti pọ̀n ọ́n, wọn yóò máa jó lọ jó bọ̀ nínú òkùnkùn yẹn, wọn yóò sì máa kọrin:

"Sùn, ọmọ mi, sùn o, iná ń jó létí omi,
Bí ẹja bá gbẹ tán, ìyá rẹ á wá gbé ọ,
Nígbà náà ni kí o jí, kí o mu àmuyó."

Ọmọ yóò sùn dé aago kan. Wọn yóò po mílíìkì inú agolo fún un pẹ̀lú omi gbígbóná inú fúláàsì; kò ní mu ju ìdajì fídà, ìgò ìmumílíìkì rẹ̀, lọ, yóò tún sùn. Ìgbà mìíràn, ohùn ìyá mi ní kọ́rídọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ni ó ń jí i. Nínú wákàtí mọ́kànlá tí ìyá mi fi kúrò nílé, ó fi mẹ́sàn-án sùn.

Ní ti oògùn, mo wá a. Mo fi imú gbọ́ òórùn inú ife. Mo lá ṣíbí. Mo yẹ abẹ́ ibùsùn wò, mo sì rí ìgò àdí àgbọn kan, bàtà àtijọ́ àti Bíbélì tí a fi ìwé ìròyìn bò. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń lá ìdí fídà.

"Akọ̀wé," báyìí ni wọ́n máa ń pè mí, "ṣé ebi ń pa ọ́ ni, àbí o fẹ́ padà di ọmọ ọwọ́? Ẹ̀bà wà nínú abọ́ níbẹ̀ yẹn o."

N kò lè wo ojú wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi àti ìyá àgbà jókòó ní kọ́rídọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi wà lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Ìyá mi ní, "Màmá, ọmọ yín yìí kọ nǹkan kan nípa bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń sùn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ." Ó wò mí. Mo ka ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú aago. Bí mo ti ń kà á ni ohùn mi ń kéré sí i, nítorí pé ìyá àgbà ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

Mo pa ìwé dé. Wọ́n wá sọ pé, "Ìdí nìyẹn tó fi ń lá fídà."

Wọ́n yíjú sí ìyá mi.

"Ìyàwó. O rò pé mo fún ọmọ rẹ lóògùn."

Ìyá mi gbé ọmọ fún mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò sùn, Màmá. Láti ìgbà tó ti dákẹ́ lọ́sàn-án, n kò sùn."

Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún wọn rí: ìgbà tí ọmọ ń jí lóru, bí ó ti ń mu ọmú tó, ọ̀rọ̀ tírélà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ìyá àgbà ń gbọ́, ojú wọn le. Àfi lójijì tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tí àwo ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù.

"Yéè! Ọmọ ẹlẹ́ja ni mo sọ ọ́ dà!"

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ní Marine Beach, ìdájí ni ọkọ̀ apẹja ń wọlé. Láti ìgbà náà di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin wà nídìí iná ẹja yíyan. Èéfín kò sì dára fún ọmọ, iná kò dára fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ nà. Nítorí náà, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò dí fèrèsé, wọn yóò sì mú kí ọmọ sùn gbogbo ọ̀sán. Ní alẹ́, ìyá yóò dùbúlẹ̀ ti ọmọ, ọmọ yóò mu gbogbo ohun tí kò mu lọ́sàn-án. Báyìí ni olùtọ́jú tó dára ṣe ń ṣe. Àwọn ìyá sì máa ń yìn ín.

"Ṣé oorun kì í kun àwọn ìyá náà ni?" ni mo béèrè.

"Ó ń kùn wọ́n dáadáa! Wọ́n á tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹja kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Bí o bá sùn lé e lórí, yóò kàn gbẹ sí i ni." Wọ́n fa ìyá mi dìde. "Dìde, ìyàwó, sìmẹ́ńtì tutù. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n o kò bí mí léèrè, èmi náà kò sì bí ọ léèrè bí alẹ́ ṣe ń rí. Àwa méjèèjì la jọ pín oorun ọmọ náà, a sì pín in láìjíròrò. Ọ̀sán ló yẹ kí a dá padà fún un."

Láti ọjọ́ Ajé ni a bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ká àpò ìrẹsì kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sí kọ́rídọ̀ kí ariwo kànga àti rédíò aládùúgbò lè wọlé. Ọmọ ń sùn lọ́sàn-án síbẹ̀, nítorí pé ọmọ oṣù mẹ́ta kò lè ṣe kí ó má sùn, ṣùgbọ́n ó ń sùn ní ìwọ̀nba. Bí ó bá ti la ojú fún wákàtí kan àti ààbọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yán, wọn yóò pọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìró ìyá mi. Bí ó bá sì ti sùn wọra, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí ẹní, ní ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí aṣọ kankan nítòsí ojú rẹ̀. Bí ó bá sùn tó wákàtí méjì, wọn yóò jí i jẹun.

Jíjí yìí ni ó ṣòro fún wọn jù. Wọ́n ní láyé àwọn, a kì í jí ọmọ tó ń sùn, pé ó dà bí ẹni pé ènìyàn ń jí nǹkan kó. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kí n jí i, tí wọn yóò sì yí ojú sí ògiri. Mo ń yọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ tí a jí ń mu fídà rẹ̀ tán pátápátá, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni oorun ọ̀sán máa ń parí, kò sí àwíjàre. Ìyá mi yóò dé ní aago mẹ́fà bá ọmọ tó la ojú sílẹ̀. Yóò fún un lọ́mú, a ó ṣeré díẹ̀, a ó wẹ̀ ẹ́ ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìyá mi yóò rẹ iná láńtánì sílẹ̀, yóò sì kọ orin ìyá àgbà fún un. Bí ó bá jí lóru láti mu ọmú, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí eré, kò sí ẹ̀rín. Bàbá mi, tí ó wà nílé ní ọjọ́ kan, ní, "Ẹ ò ní jẹ́ kí n kí ọmọ mi ni?" Ìyá mi ní kí ó kí i ní ọ̀sán.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó fi wákàtí mẹ́rin sùn láìjí. A ti ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú dé. Òwúrọ̀ kùtù ni a ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi kò sùn títí ìsìn fi parí, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń gbé e. Nígbà tí a délé, ó sùn láti aago méjì títí di aago mẹ́fà. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá mi, kò jẹ́ kí n jí i. Alẹ́ náà dà bí ti ìgbà àkọ́kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá mi gbé ọmọ dé iwájú ìyá àgbà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá àgbà wò ó.

"Ta ló fún ọmọ lóògùn lánàá?"

Ẹ̀rín pa wá débi pé ọmọ náà bẹ̀rù. Mo rò pé láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn kò ta wọ́n lára mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ń tẹ̀ lé aago kan náà pẹ̀lú ọjọ́ yòókù.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì tí a bẹ̀rẹ̀, ohùn ìyá mi ló jí mi ní òwúrọ̀ kan. Ó fò dìde lórí ibùsùn, ó ń pe orúkọ ọmọ, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́, kò sì sí ẹni tó jí i. A bá àbúrò mi lórí ẹní rẹ̀. Ó ti jí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Láti aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ti jí mu ọmú. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, bí ó ti ṣe ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà rẹ̀ tán ní òwúrọ̀ náà, kò jẹ ẹ́ lọ́nà. Bàtà rẹ̀ jọra. Nígbà tí ó di ìparí oṣù, ọ̀gá rẹ̀ pè é. Ó rò pé ẹjọ́ ni. Ọ̀gá ní òun ti yẹ gbogbo ìwé tó tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì wò, kò sí àṣìṣe kan, pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fún wa ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó bọ́ bàtà. Ìyá àgbà gbé àbúrò mi lé e lọ́wọ́.

"Gba ọmọ rẹ. Ọmọ ọ́fíìsì ni. Láti aago mẹ́rin àbọ̀ ló ti parí iṣẹ́, ó ń retí rẹ."

Orin wọn náà yí padà. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n yí i. Mo kàn gbọ́ ọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, nígbà tí ìsinmi ti parí, tí fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu:

"Sùn, ọmọ mi, sùn díẹ̀, ìyá rẹ ń tẹ̀wé l'Ápápá,
Bí oòrùn bá yẹ̀ tán, ìyá rẹ á wá gbé ọ,
Nísinsìnyí ni kí o mu àmuyó, kí alẹ́ lè jẹ́ ti ìyá rẹ."